Ilẹ̀ ẹbí kan, àdéhùn mẹ́ta: èwo ló jẹ́ òfo, èwo ló ṣeé fagi lé, èwo ni kọ́ọ̀tù kì í mú ṣẹ?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin agbẹjọ́rò wa. Ní 2022, èmi, ọ̀rẹ́ mi àti àbúrò mi wọnú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí kan ní apá Ìkòròdú. Olórí ẹbí ló ta tèmi, mo san ₦4,500,000, mo sì ti ṣe fẹ́ǹsì. Ọ̀rẹ́ mi san ₦3,200,000 fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹbí, olórí ẹbí ò mọ̀ sí i. Àbúrò mi fi ₦800,000 sílẹ̀ fún olórí ẹbí bí àsansílẹ̀, kò gba ìwé kankan, kò sì fẹ́ ilẹ̀ náà mọ́. Ìdí-igi kan nínú ẹbí náà, ìyẹn àwọn ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó baba ńlá wọn, ti wá ń sọ pé wọn ò bá àwọn sọ ọ́, pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Lọ́yà kan ní ‘fóìdì’ ni, èkejì ní ‘fóìdébù’ ni, ẹ̀kẹta ní kọ́ọ̀tù ò ní dá sí i. Èwo ni ká gbà? Kí ni oníkálukú wa lè rí gbà?”

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn lọ́yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jàre, nítorí àdéhùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹjọ́ kan náà. Tiyín jẹ́ àdéhùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n àwọn kan lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé e; ìyẹn ni ‘fóìdébù’. Ti ọ̀rẹ́ yín jẹ́ òfo, ìyẹn ‘fóìdì’, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ti àbúrò yín jẹ́ àdéhùn tó wà, tí ọwọ́ òfin kàn máa ń kúrú láti mú ẹnikẹ́ni ṣe é nítorí pé kò sí àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tí kò gba ìwé rárá ló yẹ kó tètè rí owó rẹ̀ gbà padà. Òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀: ọ̀rẹ́ yín tí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ òfo ló lẹ́tọ̀ọ́ tó mọ́lẹ̀ jù sí owó, àbúrò yín ló sì máa ní iṣẹ́ láti ṣe kó tó rí tiẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: lọ́jọ́ tí wọ́n parí ọ̀rọ̀, kí ló kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà? Bí ó bá jẹ́ òfo, kò sí nǹkan kan tó kúrò. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ṣeé fagi lé, nǹkan kúrò lóòótọ́, ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó rà títí kọ́ọ̀tù yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kọ́ọ̀tù kì í mú ṣẹ, ìlérí ló wà láàárín wọn, ìlérí náà sì so àwọn méjèèjì pọ̀, àmọ́ bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì ò lè fi ẹjọ́ fà á lé e lórí. Ẹ̀tọ́ tó kù fún oníkálukú yín ń tẹ̀lé ìdáhùn sí ìbéèrè yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọ̀rẹ́ yín bẹ̀rẹ̀. Nínú ìṣe ilẹ̀ ẹbí nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ni ilẹ̀ náà. Ẹbí ló ni ín, olórí ẹbí pẹ̀lú àwọn àgbà tó ń ṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ló sì lè ta á lórúkọ ẹbí. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ tìgbà náà ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ tí a ṣì ń tọ̀ títí di òní. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ìdí-igi, títà náà ṣeé fagi lé. Bí àgbà ẹbí kan bá ta á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Ìdí rẹ̀ ni pé olórí ẹbí ní àṣẹ, ó kàn lò ó láìpé ni; àgbà ẹbí yòókù ò ní àṣẹ kankan tí ì bá lò.

Nítorí náà, ₦3,200,000 ọ̀rẹ́ yín kò ra nǹkan kan. Ohun tó ń jáde látinú èyí pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àìmọ̀ rẹ̀ àti òtítọ́ inú rẹ̀ kò lè sọ òfo di nǹkan. Bó bá ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, òfo ló tà. Bó bá gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n gbà á, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, òǹtẹ̀ ò sọ ọ́ di ohun tó wà. Bí ẹni tó tà á fún un bá padà wá “fọwọ́ sí i dáadáa”, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Àwọn adájọ́ wa fẹ́ràn láti tọ́ka sí ẹjọ́ Macfoy àti UAC ti 1961, tó wá láti Sàró, níbi tí wọ́n ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò lè gbé nǹkan lé orí òfo kó sì retí pé kó dúró síbẹ̀. Nínú òfin, òfo ò nílò àṣẹ kọ́ọ̀tù kí ó tó jẹ́ òfo. Nínú ìṣe, mo máa ń rọ èèyàn kí wọ́n gba ìdájọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ bí ẹlòmíràn bá ń bá wọn du ilẹ̀, nítorí àwọn ọmọ onílẹ̀ kì í ka òfin sí, wọ́n á sì tún gbé e tà.

Kí ló wá kù fún un? Owó rẹ̀ ni, ó sì lè gbà á láì jẹ́ pé ó ní láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ sí àdéhùn, nítorí kò sí àdéhùn kankan tí èèyàn lè ṣẹ̀ sí. Ohun tó ń pè lẹ́jọ́ ni pé owó òun wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò fún òun ní nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rí tó nílò kéré: ẹ̀rí pé ó sanwó, àti ẹ̀rí pé ẹni tó gbà á kì í ṣe olórí ẹbí, olórí ẹbí ò sì sí níbẹ̀. Rìsíìtì tiẹ̀ gan-an ló máa jẹ́rìí fún un. Bí ẹni náà bá sọ fún un pé “èmi ni ẹbí rán”, nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni, ọ̀rẹ́ yín tún lè béèrè owó gbà-máà-bínú lórí irọ́ yẹn, bíi owó tó san fún sọ́fẹ́yọ̀ àti èyí tó fi kó búlọ́ọ̀kù wá.

Ẹ fi ọjọ́ sí ọkàn níhìn-ín. Lábẹ́ òfin gbèdéke àkókò ti ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 6 ni a ní láti fi béèrè irú owó báyìí, a sì sábà máa ń kà á láti ọjọ́ tí owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni. Owó 2022 yóò kọjá ààlà ní 2028. Bí ẹni tó gbowó bá fi èrú bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìgbà tí ó yẹ kí ọ̀rẹ́ yín ti mọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà láàárín ilẹ̀ àti owó nínú èyí: bó ti wù kí ọdún gùn tó, títà tó jẹ́ òfo kò ní di títà tó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti gba owó padà máa ń kú. Mo ti rí i tí èèyàn jókòó lé ìwé òfo fún ọdún mẹ́jọ pé “àkókò máa tún un ṣe”, tí owó náà sì ti bọ́.

Àwọn kan á sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó lọ sí tésàn. Òfin Ìdáàbòbò Ohun-ìní ti ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn ta ilẹ̀ tí kò láṣẹ láti tà tàbí ilẹ̀ tí a ti tà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ̀sùn wà níbẹ̀ bí irọ́ bá hàn. Ṣùgbọ́n abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán. Ìwé tí ó bá kọ sí wọn gbọ́dọ̀ sọ nípa irọ́ tí wọ́n pa, ẹni tó pa á, ọjọ́ tó pa á àti ohun tó sọ, kò sì gbọ́dọ̀ dà bíi pé ó ń bẹ ọlọ́pàá kí wọ́n bá òun gba gbèsè.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ yẹn gan-an ló ń wù ú, ọ̀nà kan ṣoṣo ló dáa: kí ẹbí ta á fún un lọ́tun. Ìwé ìfọwọ́sí-lẹ́yìn tí àwọn kan máa ń kọ́ báni ṣe kò yẹ níbí, torí pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Díìdì tuntun ni, tí olórí ẹbí àti àwọn aṣojú gbogbo ìdí-igi fọwọ́ sí, tí wọ́n sì kọ sínú rẹ̀ pé ẹbí gba ₦3,200,000 tí ó ti san gẹ́gẹ́ bí owó ilẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀. Ẹbí lè kọ̀ láti ka owó náà mọ́ ọn, nítorí kò dé ọwọ́ wọn. Ìjíròrò nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Ó kan tiyín báyìí, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ gbé rìsíìtì yín jáde kí ẹ tó ka èyí síwájú. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tó tà. Bí wọ́n bá kọ pé bàbá náà gba owó “gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, fún ara rẹ̀ àti lórúkọ ẹbí”, ẹ wà ní ojú ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí. Bó bá jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ ní 1982, nínú ẹjọ́ Solomon àti Mogaji, pé olórí ẹbí tó bá ta ilẹ̀ ẹbí bí ẹni pé tirẹ̀ ni, òfo ló tà. Ìlà kan péré nínú ìwé lè gbé yín kúrò nípò yín lọ sí ipò ọ̀rẹ́ yín. Mo ń gba èyí tó ṣeé fagi lé rò nínú ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ, torí pé olórí ẹbí ni ẹ ní ó tà á.

Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ náà tiyín ni lónìí. Ẹ lè máa lò ó, ẹ lè lé ẹni tó bá yawọ ibẹ̀, ẹ tilẹ̀ lè tà á. Ìdí-igi tó ń pariwo kò lè fi ẹnu lásán gbà á, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lè fi katakata wó fẹ́ǹsì yín kí wọ́n sì ní àwọn ti “fagi lé e”. Kọ́ọ̀tù ló ń fagi lé, lẹ́yìn tí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ bá pè é lẹ́jọ́. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́? Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bá sọ ọ́ tí wọn ò bá sọ. Olórí ẹbí tó gbowó yín kò lè dìde lọ́la kó ní òun ò gba ìmọ̀ràn ẹbí, nítorí náà kí ẹ kó jáde. Kò sí ẹni tí òfin ń jẹ́ kó fi àṣìṣe ara rẹ̀ jẹ èrè. Ẹ̀yin náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ẹ̀tọ́ tó jẹ́ tiwọn yẹn kì í ṣe tiyín láti lò.

Àwọn wo ni ó yẹ kí wọ́n bá sọ? Ìdí-igi ni ìpín tó jẹ́ ti ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí baba ńlá náà fẹ́ tí ó sì bímọ fún un. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó ti Èkó dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún nínú àṣà Yorùbá bí kò bá sí ìjà tó mú kí olórí ẹbí pín in ní orí-ò-jorí. Ka sọ pé ìyàwó mẹ́ta ni baba náà ní. Ìdí-igi mẹ́ta nìyẹn, a sì nílò aṣojú kan ó kéré tán láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wo rìsíìtì yín tí ẹ rí olórí ẹbí láti ìdí-igi kìíní àti “àkọ̀wé ẹbí” tó wá láti ìdí-igi kìíní náà, fọwọ́sí méjì lẹ rí, àmọ́ ìdí-igi kan ló fọwọ́ sí i. Oyè àkọ̀wé tí wọ́n kọ sí abẹ́ orúkọ kò sọ ẹnikẹ́ni di aṣojú ìdí-igi míì. Èyí ni mo sábà máa ń rí tó fa irú ariwo yìí.

Ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n fagi lé máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ibi tí ààbò yín wà sì nìyẹn. Ó ń bọ́ bí wọ́n bá ti mọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ pẹ́. Ó ń bọ́ bí wọ́n bá gba ìpín tiwọn nínú owó tàbí tí wọ́n bá ṣe nǹkan míì tó fi hàn pé wọ́n gbà á. Ó ń bọ́ bí wọ́n bá ń kọjá lójoojúmọ́ níbi tí ẹ ti ń gbé ìpìlẹ̀ ró, tí wọn ò sì sọ nǹkan kan títí ẹ fi dé orí òrùlé. Ó sì máa ń bọ́ bí ilẹ̀ bá ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn tó rà á pẹ̀lú owó, tí kò mọ̀ nípa àléébù náà, kí kọ́ọ̀tù tó fagi lé e. Nínú ti òfo, kò sí èyí tó ṣe iṣẹ́ báyìí fún ìwé tí wọ́n tà. Ohun tó dáàbò bo ẹni tó rà nínú èyí tó ṣeé fagi lé kì í dáàbò bo ẹni tó ra òfo.

Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù fún yín ni ọjọ́ tí ìdí-igi yẹn kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ wá fọ́tò fẹ́ǹsì náà pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹ wá orúkọ bíríkìlà àti ẹni tó bá yín ṣọ́ ibẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ yín, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà nígbà tí èèyàn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé, rìsíìtì ìyẹn tàbí ẹ̀rí táráńsífáà rẹ̀ lè pa ẹjọ́ wọn, nítorí ẹni tó gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ yín ti gbà pé ẹ ní ibẹ̀ láti kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ju ìwé yẹn nù nítorí wọ́n kà á sí owó ìyà.

Bí ariwo náà bá jẹ́ tuntun, ẹ má dúró de ẹjọ́. Níbi tiyín ni ìwé ìfọwọ́sí-lẹ́yìn ti wúlò, nítorí nǹkan wà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Ìwé náà gbọ́dọ̀ dárúkọ títà ti 2022, iye owó, ìwọ̀n ilẹ̀ àti nọ́ńbà sọ́fè, kó sì sọ pé aṣojú ìdí-igi kejì àti ìkẹta ti mọ̀, wọ́n sì gbà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti tà á. Kí olórí ẹbí náà tún fọwọ́ sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá mọ̀wé, kí wọ́n kà á sí i létí ní Yorùbá, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kà á ó sì yé e kó tó tẹ̀ka, kí ẹni tó kọ ìwé náà sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiẹ̀. Bí ẹ bá fo èyí, ìka tó tẹ̀ yẹn náà lè di ẹjọ́. Wọ́n lè béèrè owó díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ dúnàádúrà, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ san sínú ìwé.

Bí kọ́ọ̀tù bá fagi lé e ńkọ́? Kálukú á padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀: ilẹ̀ á padà sọ́dọ̀ ẹbí, owó yín á sì padà. Ọwọ́ olórí ẹbí tó gbà á lẹ ti máa béèrè rẹ̀, ẹ sì lè fi owó gbà-máà-bínú kún un bó bá ṣèlérí fún yín pé ẹbí ti gbà. Nínú ìwé ìgbèjà yín, ẹ ní kí wọ́n mú olórí ẹbí wọnú ẹjọ́ náà, kó má bàa jẹ́ pé ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun.

Ẹ̀tọ́ ìfagilé kan wà tó jẹ́ tiyín fúnra yín. Bí bàbá náà bá sọ fún yín pé gbogbo ìdí-igi ti fọwọ́ sí i, tí irọ́ sì ni, irọ́ yẹn ló mú yín sanwó, ẹ lè yàn láti jáde kí ẹ sì gba owó yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yàn. Ẹ ò lè kọ lẹ́tà ìfagilé lónìí kí ẹ tún lọ mọ búlọ́ọ̀kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó mọ irọ́ tó sì ń bá a lọ ti fọwọ́ sí i. Títí ẹ ó fi pinnu, ẹ dá iṣẹ́ dúró lórí ilẹ̀ náà.

Àbúrò yín ló kù. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1677 lórí èrú, tí a jogún, sọ nínú abala 4 rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò lè pe ẹjọ́ lórí àdéhùn títa ilẹ̀ àfi tí àkọsílẹ̀ kan bá wà tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ fọwọ́ sí. Àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ní tiwọn nínú abala 67 òfin ohun-ìní ti 1959. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà ò sọ pé àdéhùn ò sí. Ẹjọ́ ló ní kí wọ́n má pè. Àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe ohun ńlá. Bó bá ti dárúkọ ẹni tó tà àti ẹni tó rà, tó tọ́ka sí ilẹ̀ náà, tó sọ iye rẹ̀, tí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi mú sì fọwọ́ sí i, ó tó. Ìwé pélébé kan tó tẹ̀ lé ìjíròrò lè ṣe é.

Bí àbúrò yín ṣe wà yìí, olórí ẹbí ò lè fi tipátipá mú un san ìyókù. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ìròyìn kejì ni pé ₦800,000 rẹ̀ kò jáde wẹ́rẹ́. Nínú ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ti 1876, Thomas àti Brown, ẹni tó rà fi àsansílẹ̀ sílẹ̀, ó yí ọkàn padà, ó sì ní kí wọ́n dá owó òun padà torí pé àkọsílẹ̀ náà kò pé. Kọ́ọ̀tù kọ̀. Ẹni tó tà ṣe tán láti fún un ní ilẹ̀ tó sanwó fún, nítorí náà nǹkan wà tí owó náà rà. Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ẹjọ́ lórí àdéhùn ò ní kí ẹni tó gbowó dá a padà. Ìbá ṣe pé òfo ni, ì bá gbà á. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fáwọn èèyàn kí wọ́n má pe gbogbo nǹkan ní òfo nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn dúró lórí pé ẹni tó tà ṣe tán, ó sì lè ṣe é. Níbí ni ariwo ìdí-igi tó ń dààmú yín ti máa ran àbúrò yín lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó rà tí a lè fipá mú gba ilẹ̀ tí àwọn kan nínú ẹbí lè fagi lé títà rẹ̀ lọ́la. Kí ó kọ lẹ́tà sí olórí ẹbí, kó fún un ní ọjọ́ 14 láti mú ìwé ìfọwọ́sí àwọn aṣojú ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Kó má kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò fẹ́ mọ́. Kó béèrè ìwé náà ni. Bó bá ní òun ò fẹ́ mọ́, òun ló sá. Bí olórí ẹbí ò bá rí ìwé náà mú wá, olórí ẹbí ni kò lè ṣe tiẹ̀, owó náà sì di èyí tó gbọ́dọ̀ dá padà nítorí kò rí nǹkan fi rọ́pò rẹ̀. Bó bá rí i mú wá, àbúrò yín ní láti pinnu bóyá kó gba ilẹ̀ tàbí kó fi owó sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí tí ọ̀rọ̀ yín rí bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì, ìyẹn pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ilẹ̀ tí ẹni tó tà sì ń kọ̀, ọ̀nà mẹ́ta wà tí ìlẹ̀kùn náà fi ń ṣí. Àkọ́kọ́, ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìgbèjà rẹ̀ pé kò sí àkọsílẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́ níbẹ̀, kọ́ọ̀tù ò ní bá a sọ ọ́. Ìkejì, bó bá ti gbé yín sórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀ tí ẹ sì ti ń ṣe nǹkan níbẹ̀ nítorí àdéhùn náà, kọ́ọ̀tù lè mú àdéhùn ṣẹ bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ aláìníwèé. Owó nìkan tí ẹ san kì í sábà tó fún èyí, gbígba ilẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ìkẹta, títà ní ìlànà ìbílẹ̀ kò nílò ìwé rárá: bí owó bá pé, tí àwọn ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, tí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé yín lọ́wọ́ lójú wọn, ó ti parí. Àbúrò yín ò dé ibẹ̀ torí àsansílẹ̀ nìkan ló san.

Ẹnì kan á tún bá yín sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ òfo nítorí pé ẹ ò tíì gba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Abala 22 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè rẹ̀, abala 26 sì sọ pé ohun tí wọ́n ṣe láìtẹ̀lé òfin náà jẹ́ òfo. Ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989 gbé e dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jù Lọ ṣàlàyé pé òfin náà ò dí èèyàn lọ́wọ́ láti ṣe àdéhùn kí ìyọ̀ǹda tó dé. Àdéhùn náà wà, kò kàn tíì pé ni. Ẹ ṣì lè gba ìyọ̀ǹda náà fún ilẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ kí ìwé ìfọwọ́sí-lẹ́yìn tó wà lọ́wọ́, kí ẹ má baà san owó ìjọba lórí ohun tí wọ́n lè fagi lé.

Ní ti ibi tí ẹ ó gbé e gbà, ẹjọ́ owó lásán tí kò ju ₦5,000,000 lọ lè lọ sí kọ́ọ̀tù ẹjọ́ kékeré tó wà lábẹ́ Májísíréètì ní Èkó láti 2018. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé kí ẹ ti fi fọ́ọ̀mù SCA1, ìwé ìbéèrè owó, ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ yín. Owó ọ̀rẹ́ yín àti ti àbúrò yín lè gba ibẹ̀ bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ “ta ló ni ilẹ̀” bá ti wọ inú rẹ̀, Májísíréètì á ní kì í ṣe tòun, Kọ́ọ̀tù Gíga ló kù. Nítorí náà kí ọ̀rẹ́ yín má kọ sínú ìwé rẹ̀ pé kí kọ́ọ̀tù sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kó kọ orúkọ ẹni tó gbowó, iye tó gbà, ọjọ́ tó gbà á, àti pé kò rí nǹkan kan gbà.